Bí Mo Ṣe Ka Ikùn Ìyá Mi sí Ọkàn

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún ìyá mi ní asipirínì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi fún un, hóró kan láràárọ̀, bó bá ti mu ògì tán. Dókítà kankan kò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ni mo kà, mo sì rò pé mo gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.

Pópó Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yìn Kámpọ́ọ̀sì níbẹ̀. Bàbá mi ṣe ọmọ pẹpẹ ní Kàtídírà Àgbélébùú Mímọ́ láyé tí àlùfáà ṣì ń fi Látìn ṣe Máàsì, kí ìpàdé ńlá Fátíkàn ti 1962 sí 1965 tó ṣí ọ̀nà fún èdè tiwa. Ó máa ń fi Látìn yẹn ṣe fáàrí fún àwa ọmọ. Bí àlùfáà bá ní kí ìjọ gbé ọkàn sókè, bàbá mi á ní "kọ́dà" ni ọkàn tó ń wí yẹn. Èmi náà dàgbà, mo di akọ̀wé lọ́yà ní Ìgbóṣeré, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ "hábíásì kọ́pọ́ọ̀sì". Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ń gbé ìwé ilé ìwòsàn wá bá mi pé kí n bá wọn tú u. Mo ti ṣa díẹ̀ jọ: "kádíò" ni ọkàn lédè Gíríìkì, "gásítírò" ni ikùn, bí "áítìsì" bá sì wà nídìí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló wú, tó pọ́n, tó gbóná, tó ń dunni. Mo máa ń la ọ̀rọ̀ sí méjì bí ẹni la obì. Ó sì máa ń yàn, lọ́pọ̀ ìgbà. Òun gan-an ló kó bá mi.

Nínú Lẹ́ńtì ọdún kan ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní, "Àyà ń ta mí." Bó bá jẹun tán ló máa ń pọ̀ jù, bó bá sì dùbúlẹ̀, omi kíkan á máa gun ọ̀fun rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n ti okùn oníkámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọ inú. Wọ́n já ẹran bíńtín níbẹ̀ fún yàrá àyẹ̀wò. Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀ fi hàn pé kòkòrò wà níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá: oríṣi méjì tó ń pa kòkòrò, àti ọ̀kan tó ń dín omi kíkan kù.

Ó lo oògùn náà di ọjọ́ kẹfà kí èsì ẹran yẹn tó jáde. Èmi ni mo lọ gbà á. Orí ìdúró ni mo ti tú u, ojú mi sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ méjì: "kírónìkì kádáítìsì". Kádí, ọkàn. Áítìsì, wíwú. Kírónìkì, bí a ṣe ń lò ó nílùú Èkó, ó ti burú kọjá sísọ. Ọkàn ìyá mi ti wú, wọ́n sì ń fún un ní oògùn ikùn!

Ọjọ́ yẹn ni mo ní kó dá oògùn náà dúró. Ó ní, "Ṣé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní ìwé dókítà ló sọ ọ́. Owó tí a kó jọ láti fi pààrọ̀ páànù òrùlé ni mo gbé lọ sí àyẹ̀wò ọkàn, èyí tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ àyà, àti èyí tí wọ́n fi ń wo ọkàn bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ inú oyún. Àwọn méjèèjì ní kò sí nǹkan kan. Dípò kí inú mi dùn, mo ní ẹ̀rọ wọn ni kò dáa. Mo ra asipirínì kékeré, mílígíráàmù 75, torí mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó ní àrùn ọkàn.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, a gbé fèréjọ̀n kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ìyá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pe àbúrò mi obìnrin sínú yàrá, ó ní láti àná ni ìgbẹ́ òun ti dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó ń dán, tó ń lẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Bó ṣe dìde pé kó lọ sílé ìyàgbẹ́, ó di ògiri mú, ó sì rọra yọ̀ lọ sílẹ̀ lára ògiri náà bí aṣọ tó já lórí okùn.

Dókítà tó gbà wá nílé ìwòsàn kéré sí ọmọ mi àgbà. Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo ni màmá ń lò?" Mo yọ páálí náà. "Ta ló kọ ọ́ fún wọn?" N kò lè dáhùn. Ó kọ "mẹlínà" sínú fáìlì. Mo mọ ìyẹn: "mẹ́lásì", dúdú, Gíríìkì. Ẹ̀jẹ̀ tó dà láti òkè ikùn ni, tí omi kíkan ti sọ dúdú kó tó dé ìsàlẹ̀.

Páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára. Òru yẹn ni dókítà ọmọkùnrin náà gba èsì ẹran yẹn lọ́wọ́ mi, tó sì fi ìka sí òkè pátápátá, níbi tí n kò dúró kà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé inú ikùn ni ẹran náà ti wá. Ó ní ikùn ní ẹnu lókè, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú rẹ̀, "kádíà" sì ni orúkọ ẹnu yẹn. Ikùn ní ibodè nísàlẹ̀, "pailórọ́ọ̀sì", tó túmọ̀ sí oníbodè ní Gíríìkì. Ibẹ̀ ni kòkòrò náà ti gba orúkọ rẹ̀, pailórì, tí wọ́n kọ sí ìlà kejì nínú ìwé kan náà. Ìyẹn ni pé oníbodè ikùn jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo pè ní ọkàn, mo sì fò ó.

Kí ló dé tí ẹnu ikùn fi ń jẹ́ orúkọ ọkàn? Gálẹ́nì, oníṣègùn Gíríìkì tó gbáyé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ṣe ń pè é. Ibi tí méjèèjì ti ń dunni súnmọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀rín ẹlẹ́kún. Ṣebí "àyà" ni ìyá mi náà wí. Bí ọkàn bá ń lù kìkì, àyà ni. Bí omi kíkan bá ń ta, àyà náà ni. Ọ̀fìn kan náà wà nínú Yorùbá tí mo fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti nínú Gíríìkì tí mo fi dá a.

Kírónìkì ńkọ́? "Kírónọ́ọ̀sì" ni ìgbà. Ó ti pẹ́ ni wọ́n wí, wọn ò ní ó ti burú. Asipirínì ní tirẹ̀, omi yọ̀rọ̀ tó ń bo ògiri ikùn ló máa ń dín kù, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tí ẹnu ikùn rẹ̀ ti pọ́n tẹ́lẹ̀ ni mo wá lọ fún.

Òru mẹ́rin la lò níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá náà láti ọjọ́ kìíní, torí ìdádúró tí mo fà. Òrùlé ṣì ń jò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàsíà kan wà lábẹ́ ojú ibẹ̀ nínú pálọ̀.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì na èsì tuntun sí mi. Ìyá mi gbà á kí ọwọ́ mi tó kàn án. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há etí ìró rẹ̀, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn dókítà títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀.