Ìka Ọwọ́ Lórí Báákóòdù

Àwa mẹ́fà tí a jọ ń ṣe bọ́tánì dá owó jọ láti ra bírò onímú tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó máa fi ya àwòrán sínú ìwé pírátíkà. Orí Wọ́sáàpù ni a ti mọ ẹni tó fẹ́ tà á fún wa. Ó ní Stabilo point 88 ni, ojúlówó láti Jẹ́mánì, ó sì fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́. Iye tó pè é kéré ju ti gbogbo ìsọ̀ tí a ti béèrè lọ, ìyẹn gan-an ló mú ara fu wa. Bí tàdáwà rẹ̀ bá lọ ń ṣàn lórí bébà, owó ti lọ, máàkì náà ti lọ.

A fẹ fọ́tò náà títí a fi rí báákóòdù tó wà lára bírò. Ìka ẹni tó dì í mú bo apá kan rẹ̀, nítorí náà fóònù kò lè ka àwọn ìlà náà. Nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ni a fi ojú kà, ọ̀kan ṣoṣo ló sì pamọ́:

```
40063?1333931
```

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Nínú nọ́ńbà mẹ́tàlá yìí, èyí tó gbẹ̀yìn kò sọ nǹkan kan nípa ọjà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ láti ara méjìlá tó ṣáájú kí a lè fi mọ̀ bí àṣìkà bá wà. Ẹ ka ipò láti apá òsì. Ẹ ro àwọn tó wà ní ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìkọkànlá pọ̀: 4+0+3+1+3+9, ó jẹ́ 20. Ẹ ro àwọn tó wà ní ipò kejì, ìkẹrin títí dé ìkejìlá pọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tí a rí níbẹ̀ jẹ́ 15, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 45. Bí a bá fi 1 tó gbẹ̀yìn kún un, gbogbo rẹ̀ di 66. Àpapọ̀ náà gbọ́dọ̀ parí sí 0, nítorí náà ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà tó pamọ́ gbọ́dọ̀ parí sí 4. Nọ́ńbà 8 nìkan ló lè ṣe é: 24 lórí 66 jẹ́ 90. Ká ní méjì ló pamọ́ ni, ìdáhùn ì bá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Nọ́ńbà wa wá di 4006381333931. A tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé Verified by GS1, níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba nọ́ńbà ti máa ń hàn. Ti Stabilo ni lóòótọ́.

Ti orílẹ̀-èdè ńkọ́? Àwọn kan lára wa ti rí ọ̀rọ̀ kan tó ń kiri lórí Wọ́sáàpù pé bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ láti 690 dé 699, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹ̀ka GS1 tó fún ilé iṣẹ́ ní nọ́ńbà ni: 400 dé 440 jẹ́ ti Jẹ́mánì, 615 jẹ́ ti Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó lè ní kí wọ́n bá òun ṣe ọṣẹ ní Ṣáínà, 615 náà ni yóò wà lára páálí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ẹ ti lè rí i, kì í ṣe inú báákóòdù.

Ìṣòro tó tóbi jù ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó lè tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sára bírò ayédèrú lè da báákóòdù rẹ̀ kọ pẹ̀lú. Pé nọ́ńbà jẹ́ òótọ́ kò sọ ohun tí a gbé e lé lórí di òótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ ayédèrú (ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún ìyẹn), ẹyọ kan ni wọ́n máa ń dà kọ, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ọjà. Bírò aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé kì í ní nọ́ńbà kan náà. Páálí tí a kó mẹ́wàá sí náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

A wá bẹ ọ̀gá ọlọ́jà pé kó tẹ́ àwọ̀ márùn-ún sílẹ̀, kó yí báákóòdù wọn sókè, kó yà wọ́n sínú fọ́tò kan. Ó pẹ́ kó tó fi ránṣẹ́. Pupa, ewé, búlúù, dúdú, òféèfèé: gbogbo wọn ló parí sí 333931.

Ó ní kí a san ìdajì owó ná kí àwọn ẹlòmíràn má baà rà á. A kó owó wa padà fún oníkálukú.