Ta ló yan ẹni tó di owó mú?

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí torí pé ó ní "ẹ́síkírò wà," ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán. Díẹ̀ ló kù kí ₦620,000 mi wọmi.

Kámẹ́rà àlòkù tí màá fi máa ya fídíò ni mò ń wá. Mo rí ọ̀kan lórí ayélujára. Abẹ́òkúta ni mo wà, ẹni tó ń tà á wà l'Ékòó. Èmi ò fẹ́ sanwó kí n tó rí ọjà, òun náà ò fẹ́ gbé ọjà sílẹ̀ kó tó rí owó. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì.

Ohun tí ẹ́síkírò wà fún nìyẹn. Ẹni kẹta á gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, á dì í mú. Ẹni tó ń tà á rí i pé owó ti wà ńlẹ̀, á wá fi ọjà ránṣẹ́. Tí ọjà bá dé, tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀yin lẹ máa ní kí wọ́n sanwó fún un. Tí kò bá rí bí ẹ ṣe jọ sọ ọ́, ọjà á padà, owó á padà.

Bọ̀ọ̀dá yìí fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹ́síkírò. Inú mi dùn! Ó fi líǹkì ránṣẹ́. Ojú ìwé náà mọ́ rekete, wọ́n ya àgádágodo sí i, wọ́n kọ "Buyer Protection" gàdàgbà síbẹ̀. Mo ṣí áàpù báǹkì mi, mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fún mi. Ẹ mọ̀ pé orúkọ máa ń jáde kí èèyàn tó fi owó ránṣẹ́, àbí? Orúkọ èèyàn ló jáde o, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan.

Ọwọ́ mi dúró. Mo lọ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ àdírẹ́sì yẹn sílẹ̀ lórí WHOIS. Kò tíì pé oṣù kan.

Mo ní ká lo iléeṣẹ́ tí èmi mọ̀. Ó ní owó iṣẹ́ wọn ti pọ̀ jù. Mo ní èmi nìkan ni màá san án. Kò fèsì mọ́ títí dòní.

Òun àti "ẹni kẹta" yẹn, ẹnì kan náà ni wọ́n. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń tà ló mú ẹni tó máa di owó mú wá, tí ẹ ò sì wádìí ẹ̀ fúnra yín, ológbò lẹ fi ṣọ́ ẹja. Ẹ má tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ wá iléeṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ pè wọ́n lórí nọ́ńbà tí ẹ̀yin wá rí.

Mo rí ẹlòmíì tó gbà. Kó tó fi ránṣẹ́, a kọ àdéhùn sílẹ̀: lẹ́ńsì ò gbọdọ̀ ní èbu, mo sì ní wákàtí 48 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó dé, mo tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì. Èbu ti ta síbẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Mi ò tẹ "Release." Mo ya fídíò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an, torí tí mo bá dákẹ́ tí wákàtí 48 kọjá, owó á lọ fúnra ẹ̀. Mo dá kámẹ́rà padà, mo gba owó mi. Owó iṣẹ́ wọn àti owó mọ́tò nìkan ló bá a lọ. Ká ní a ò kọ ọ̀rọ̀ èbu yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Á ní kámẹ́rà ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Èyí ni mo rò nígbà tí àǹtí mi fẹ́ ra ilẹ̀ n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkì lọ́wọ́ ẹni tó rí lórí fóònù. Wọ́n ní lọ́yà á bá wọn di owó mú. Mo béèrè pé, "Lọ́yà ta ni?" Tó bá jẹ́ pé ó ń gbà á lórúkọ ẹni tó ń tà, ó lè kó o fún un lọ́jọ́ náà. Àfi kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àárín ẹ̀yin méjèèjì ló wà, pé kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí àdéhùn á fi pé.

Ilẹ̀ kì í ṣe kámẹ́rà tí èèyàn lè gbé sínú mọ́tò padà. Torí náà, gbogbo àyẹ̀wò gbọdọ̀ parí kí owó tó kúrò ńlẹ̀. Àǹtí mi kọ mẹ́ta: kí wọ́n yẹ ìwé ilẹ̀ wò l'Álàúsá, kí ọ́fíìsì Surveyor-General wo ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, torí ilẹ̀ ẹbí ni.

Ẹni tó ń tà ní òun ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Owó àǹtí mi ṣì wà ní báǹkì.