Ẹ Dá Ìtúmọ̀ Padà sí Faransé Kí Ẹ Tó Gbà Á Gbọ́

Ní Grand Marché ìlú Bouaké, èdè Jùlá la fi ń nájà, Yorùbá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára páálí àti ìgò. Àwa Ànàgó tí a ti dàgbà kí a tó kúrò ní Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, a mọ ábídí, a sì mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n Faransé wa kò kọjá ti ẹnu ọjà. Nísinsìnyí tí fóònù lè ya àwòrán ara ìgò kó sì sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ di Yorùbá lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ti gbára lé e. Báwo wá ni ẹni tí kò gbọ́ Faransé yóò ṣe mọ̀ bóyá bó ṣe wà lára ìgò ni fóònù ṣe sọ ọ́?

Ọ̀nà kan wà tí kò gbówó lórí. Ẹ mú Yorùbá tí fóònù fún yín, ẹ ní kó dá a padà sí Faransé, kí ẹ wá fi Faransé tó padà wá yìí wé èyí tó wà lára ìgò. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ èdè kí ẹ tó lè fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Àwọn olùwádìí ti ń fi ọ̀nà yìí yẹ ìtúmọ̀ wò tipẹ́tipẹ́ kí fóònù tó dé. Richard Brislin kọ àpilẹ̀kọ kan tó gbajúmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1970. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń dá ìtúmọ̀ padà kì í rí ìwé àkọ́kọ́, kó má baà fi ohun tó ti mọ̀ tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ìyàwó ilé wa kan ra ìgò oògùn aáyán, yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ló fẹ́ fọ́n ọn sí. Gbólóhùn mẹ́rin ló ṣe pàtàkì lára ìgò náà:

Diluer 2,5 ml dans 1 litre d'eau.
Ne pas pulvériser sur les aliments.
Aérer la pièce pendant 30 minutes avant d'y rentrer.
Tenir hors de portée des enfants.

Ó ya àwòrán rẹ̀, fóònù sì fún un ní èyí:

Po 25 ml mọ́ omi lítà 1.
Fọ́n ọn sórí oúnjẹ.
Fẹ́ atẹ́gùn sí ègé náà fún ìṣẹ́jú 30 kí o tó padà wọlé.
Pa á mọ́ jìnnà sí àwọn ọmọdé.

A da Yorùbá yìí kọ lórí fóònù ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, a sì ní kó dá a padà. A kò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra wa, nítorí bí a bá gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà, ọwọ́ lè di owó, àṣìṣe tiwa yóò sì dà bíi ti fóònù. Ohun tó padà wá nìyí:

Mélanger 25 ml dans 1 litre d'eau.
Pulvériser sur les aliments.
Aérer le morceau pendant 30 minutes avant de rentrer.
Garder loin des enfants.

A wá gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, a ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbólóhùn kejì, ìgò ní "Ne pas" níwájú, èyí tó padà wá kò ní i. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí ni "má ṣe" nínú Faransé. Bí wọ́n ṣe sọnù, ìkìlọ̀ ti di àṣẹ pé kí a fọ́n májèlé sórí oúnjẹ.

Ti gbólóhùn àkọ́kọ́ ló fara pamọ́ jù. 25 ló lọ, 25 náà ló padà wá, kò sí ìjà láàárín wọn. Lára ìgò, 2,5 ni wọ́n kọ, ìyẹn méjì àtààbọ̀, nítorí kọ́mà ni Faransé ń lò níbi tí a ti ń lo àmì tótó ní Nàìjíríà. Kọ́mà náà ti ṣá, kámẹ́rà kò rí i. Bí a bá tẹ̀ lé fóònù, oògùn náà ì bá le ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìgò gan-an ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe Faransé tí fóònù kọ lójú ara rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti ka nǹkan sódì láti ìbẹ̀rẹ̀, òdì náà ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀.

Nínú gbólóhùn kẹta, "pièce" lọ, "morceau" ló bọ̀. A yẹ Faransé tí kámẹ́rà kà wò, "pièce" ló wà níbẹ̀ bíi ti ara ìgò. A jẹ́ pé kámẹ́rà kà á ire, ìtúmọ̀ ló ṣìnà. Ọmọ wa tó ń lọ síléèwé ló sọ fún wa pé "pièce" lè jẹ́ ègé nǹkan, ó sì lè jẹ́ yàrá. Yàrá ni kí a ṣí fún atẹ́gùn.

Gbólóhùn kẹrin padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ewu níbẹ̀. A fi "Tenir hors de portée des enfants" àti "Garder loin des enfants" sínú fóònù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Yorùbá méjèèjì sì ń sọ pé kí a gbé e jìnnà sí ọmọdé. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí àṣìṣe, ó kàn ń sọ ibi tí ó yẹ kí a ti dúró wò dáadáa ni.

Àṣìṣe tó wá láti ara àwòrán, àwòrán la fi ń tún un ṣe. Ìgò náà rí roboto, "Ne pas" sì wà létí ibi tó ti yí sẹ́yìn. A yí ìgò sí ojú ìmọ́lẹ̀, a sì ya gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, "Ne pas" àti 2,5 jáde. "Ègé" kò yí padà, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi kámẹ́rà.

Àmọ́ o, kí ọ̀rọ̀ padà wá bó ṣe lọ kò túmọ̀ sí pé ó tọ̀nà. Lára ọṣẹ kan tí wọ́n kọ "huile d'avocat" sí, fóònù fún wa ní "òróró agbẹjọ́rò". A dá a padà, "huile d'avocat" ló jáde, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Orúkọ kan náà ni Faransé fi ń pe èso píà àti lọ́yà, nítorí náà ọ̀nà tí àṣìṣe gbà lọ ló gbà bọ̀. Ẹni tó bá ka Yorùbá náà á mọ̀ pé a kì í fún òróró lára agbẹjọ́rò. Níbi tí kò bá hàn báyẹn, ẹ dá Yorùbá náà sí Gẹ̀ẹ́sì dípò Faransé, kí ẹ fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà. Gẹ̀ẹ́sì á mú lọ́yà jáde, kò lè mú píà jáde.

Nílé wa, bí nọ́ńbà tàbí "Ne pas" bá yàtọ̀ sí ti ara ìgò, tí àwòrán kejì kò sì tún un ṣe, a kì í ṣí ìgò náà títí ẹni tó mọ Faransé kà yóò fi kà á fún wa láti ara ìgò gan-an. Bó bá jẹ́ oògùn tí ọmọ yóò mu ni, a kì í fi ti fóònù ṣe rárá, ọ̀dọ̀ apòògùn la ń gbé e lọ.