Ara Ilé Yàtọ̀ sí Ẹrù Inú Rẹ̀

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé, gbólóhùn kan wà tí ayálégbé máa ń gbọ́ lẹ́nu onílé lọ́jọ́ tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́: "Ilé yìí ní ìnṣọ́ránsì." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ni onílé sọ pé ó ní ìnṣọ́ránsì. Kò sọ pé ẹrù ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ní.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín ọ̀rọ̀ yìí sí. Èkíní ni ààbò ara ilé: ògiri, òrùlé, àjà, fèrèsé, páìpù omi, àti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Èkejì ni ààbò ẹrù inú ilé. Àpèjúwe kan wà tí mo fẹ́ràn: ká ní a lè dorí ilé kodò, ohun tó bá já bọ́, ẹrù ni, èyí tó bá dúró, ara ilé ni. Kápẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń da àpèjúwe yìí rú, nítorí pé bí wọ́n tilẹ̀ kàn án mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa kà á mọ́ ẹrù.

Owó báńkì ni èmi àti ọkọ mi fi ra ilé wa, báńkì kò sì gbà láti yá wa lówó láìsí ààbò ara ilé. Iye tí a kọ sínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe iye tí a ra ilé. Iye tí yóò ná wa láti tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ ni, nítorí pé bí iná bá jó ilé, ilẹ̀ tí a kọ́ ọ lé ṣì wà níbẹ̀. Àga àti aṣọ wa kò kan báńkì. Àwa fúnra wa ni a fi ààbò ẹrù kún un.

Ayálégbé ni àbúrò mi obìnrin ní tirẹ̀. Ní ìgbà òtútù kan, páìpù bẹ́ ní fúláàtì tó wà lókè orí rẹ̀. Àjà yàrá já lulẹ̀, omi rin ibùsùn gbindingbindin, ó sì wọ inú àpótí tí ó kó aṣọ òkè àti léèsì ìgbéyàwó rẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò onílé tún àjà ṣe, wọ́n sì kun ògiri. Wọn kò san kọ́bọ̀ lórí ibùsùn àti aṣọ, nítorí pé ohun ìní onílé nìkan ni àdéhùn wọn kàn. Kò sì rọrùn láti gba owó náà lọ́wọ́ onílé fúnra rẹ̀, àfi bí ayálégbé bá lè fi hàn pé àìbìkítà onílé ló fa jàǹbá náà.

Ọpẹ́ ni pé àbúrò mi ní ààbò ẹrù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni ó fi wọn ẹrù náà nígbà tí ó ń gbà á: ó ní gbogbo rẹ̀ kò ju 10,000 pọ́n-ùn lọ. Nígbà tí ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá ka ohun gbogbo, tó fi mọ́ àwọn tí omi kò kàn, 20,000 ni ó rí. Ìlàjì ẹrù ni ó ti ń sanwó ààbò lé lórí, ìlàjì òfò náà sì ni wọ́n gbà láti san. Ohun tó bàjẹ́ tó 4,000 pọ́n-ùn. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 2,000. Wọ́n yọ 200 tí àdéhùn ní kí oníbàárà máa dá nínú òfò kọ̀ọ̀kan, ó ku 1,800. Aṣọ ni ó máa ń tan àwa Yorùbá jẹ nínú ìṣirò yìí. A ó ka tẹlifíṣọ̀n àti fírísà, a ó sì gbàgbé pé aṣọ òde tí a kó jọ lè wọ́n ju méjèèjì lọ.

Ohun kan tún wà tí ayálégbé nílò tí èmi onílé kò nílò. Bí áyọ́ọ̀nù bá jó kápẹ́ẹ̀tì wa, kápẹ́ẹ̀tì ara wa ló jó. Bí ó bá jó ti onílé, inú owó ìdúró tí ayálégbé fi sílẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ààbò ẹrù tí wọ́n ṣe fún ayálégbé ni ó ní apá kan tí ń san irú ìbàjẹ́ yìí bí ó bá ṣèèṣì, títí dé iye kan tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Àbúrò mi ti ya fọ́tò gbogbo aṣọ rẹ̀ báyìí, ó sì ti tún iye ẹrù rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fi ń ránṣọ fún oníbàárà, ó pè wọ́n láti béèrè. Wọ́n ní irinṣẹ́ òwò ni, ààbò ẹrù inú ilé tí ó ní kò gbà á, kí ó gba ààbò mìíràn fún un lọ́tọ̀. Ó sì ti gbà á.