Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ mi

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí mo kọ sí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ọdún 54 ni mí nígbà tí ìyá rẹ bí ọ ní Kánò níbí. A bẹ Ọlọ́run kí a tó rí ọ kẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Oríkì ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin wà ní kékeré, ọjà ni mo ń sáré lọ láàárọ̀, mi ò ráyè kì í. Tí mo bá sọ Yorùbá sí i, ó ń gbọ́ o, ṣùgbọ́n Háúsá ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní yóò mọ̀ ọ́n tó bá dàgbà. Ìgbà tí a délé l'Ógbómọ̀ṣọ́, Màmá mi dì mọ́ ọn, wọ́n ń kì í, Àlàó báyìí, Àlàó báyẹn. Ó dúró bí òpó, ó ní, "Náàm?" Màmá dákẹ́. Wọn ò kì í mọ́ títí a fi padà.

Tìẹ yàtọ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ rẹ, Màmá kì ọ́ lórí fóònù, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti dà á kọ sínú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà mi, torí èmi alára ò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Láràárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá gbé ọ, màá ka díẹ̀ sí ọ létí. Lọ́jọ́ tí o bá kúnlẹ̀ kí mi, tí mo ní "Àbẹ̀kẹ́," tí orí rẹ wú, mo ti san gbèsè tèmi nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ.