Kí ló dé tí ṣípù fi ń tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá tan?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ kéékèèké máa ń bi wá léraléra pé: kí ló dé tí ṣípù tó ń darí ẹ̀rọ fi máa ń kú lójijì, tí á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní kété tí rẹlẹ́ bá dún tàbí tí pọ́ǹpù bá tan? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì wa ló ṣe é fún ọgbà tòmátì. ATmega328P ni ṣípù tó ń darí rẹ̀, irú èyí tó wà lórí pátákó Àdúínò Úno. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ṣípù á tan rẹlẹ́, rẹlẹ́ á tan pọ́ǹpù kékeré fún ìṣẹ́jú méjì, omi á sì wá láti inú dúrọ́ọ̀mù. Ṣájà fóònù kan tó ń fúnni ní fóòtì 5 ni gbogbo wọn ń gba iná lára rẹ̀. Lórí pátákó Àdúínò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n yọ ṣípù náà, tí wọ́n gbé e sórí pátákó kékeré tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó fúnra wọn, pọ́ǹpù ń tan, ó ń kú, ó tún ń tan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru iná ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi bátìrì rọ́pò ṣájà, nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀.

A fi mítà wọn okùn bàbà tó wà nínú pọ́ǹpù, a rí óòmù 3. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń yí, áńpíà 0.2 péré ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yí, kò yàtọ̀ sí wáyà lásán: fóòtì 5 tí a pín sí óòmù 3 á fẹ́ gba áńpíà bíi 1.7, nígbà tí ṣájà náà kò lè fúnni ju 1 lọ. Ó dà bí ìgbà tí ará ilé kan ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà: ti àwọn yòókù á máa kán tótó. Fóòtì 5 á já wálẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tí ojú kò lè rí. Ṣípù náà sì ní ẹ̀ṣọ́ kan nínú: bí Úno ṣe tò ó, bí iná bá wá sí ìsàlẹ̀ fóòtì 2.7, ẹ̀ṣọ́ náà á dá a dúró, á sì mú un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà ṣìṣe. Ìdí nìyí tí ṣípù kò fi bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Mítà kò ní fi èyí hàn yín. Ó ń ṣe àròpọ̀ ohun tó ń kọjá, á máa kọ 4.9 bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ṣípù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ so iná kékeré kan (pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ óòmù 220) mọ́ ẹsẹ̀ 19 ṣípù, èyí tí Àdúínò ń pè ní 13, kí ẹ sì kọ èyí síbi ìbẹ̀rẹ̀ ètò:

```
void setup() {
  pinMode(13, OUTPUT);
  for (int i = 0; i < 5; i++) {
    digitalWrite(13, HIGH); delay(100);
    digitalWrite(13, LOW);  delay(100);
  }
}
```

Bí iná náà bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún nígbà tí pọ́ǹpù ń tan, ṣípù ti tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ pọ́ǹpù, kí ẹ fi rẹlẹ́ nìkan sílẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, pọ́ǹpù ló ń fa ìṣòro. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí rẹlẹ́ ń kú, okùn bàbà inú rẹlẹ́ ló ń ta iná padà bí iná rẹ̀ ṣe ń já. Fún ìyẹn, díọ́dù 1N4007 kan ni kí ẹ fi sórí ẹsẹ̀ méjèèjì okùn bàbà rẹlẹ́, kí ìlà funfun rẹ̀ kọjú sí +.

Ní ti àwọn ọmọ wa, ìgbà tí pọ́ǹpù ń tan ni. Kí ló wá wà lórí Úno tí kò sí lórí pátákó tiwọn? Àwọn kọńdáńsatọ̀ ni, ohun tí àwọn ará wa lápá Nàìjíríà ń pè ní kapásítọ̀. Ó dà bí àmù omi: ó ń gba iná pamọ́, ó sì ń bu ún jáde nígbà tí ti ìta bá kéré. Úno ní ńlá díẹ̀, ó sì ní kéékèèké nítòsí ẹsẹ̀ ṣípù. Irú méjèèjì ni a fi sórí pátákó náà.

Àkọ́kọ́ ni kékeré tí wọ́n kọ 104 sí lára, tó jẹ́ 100 nF. A fi ọ̀kan sáàárín ẹsẹ̀ 7 àti 8, ọ̀kan sáàárín 20 àti 22, mọ́ ara ṣípù pẹ́kípẹ́kí. Wáyà gígùn máa ń dá iná dúró nígbà tí ó bá yí padà kíákíá, nítorí náà èyí tó jìnnà kò wúlò. Ife tí a gbé sẹ́bàá ẹnu ni èyí. A tún fi ọ̀kan sórí ẹsẹ̀ méjèèjì pọ́ǹpù, nítorí àwọn èédú inú rẹ̀ máa ń ta iná.

Èkejì ni àmù ńlá, 470 µF, fóòtì 16. Ẹ ṣọ́ra: ó ní ìhà + àti ìhà −, bí ẹ bá yí i padà, ó lè bú. Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà níbí. Bí ẹ bá kàn fi í sórí ṣájà, pọ́ǹpù ni yóò mu omi àmù náà tán kí ṣípù tó rí. Ẹ fi díọ́dù 1N5819 sáàárín ṣájà àti ìhà ṣípù, bí ilẹ̀kùn tí iná lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí kò lè gbà jáde. Àmù á wà nínú, pọ́ǹpù àti rẹlẹ́ á wà lóde. Ṣípù wa pẹ̀lú iná kékeré rẹ̀ ń jẹ áńpíà bíi 0.02. Bí a bá gbà kí fóòtì dín 1:

```
t = C × ΔV / I = 0.00047 × 1 / 0.02 = 0.0235 s
```

Ìyẹn ju ìdá ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí pọ́ǹpù yín bá pẹ́ kí ó tó máa yí, ẹ lo 1000 µF, àkókò náà á lé ní ìlọ́po méjì. Díọ́dù náà á gba bíi fóòtì 0.3 lọ́wọ́ ṣípù, èyí kò pa á lára.

Ohun kan ṣì kù: okùn − pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ gba abẹ́ ṣípù kọjá. Wáyà pọ́ǹpù méjèèjì, tó nípọn díẹ̀, ni kí ó lọ tààrà síbi ṣájà. Bí wáyà bá tínrín tó sì gùn, kò sí àmù tó lè gbà yín.

Lẹ́yìn èyí, a mú pọ́ǹpù náà tan, a sì pa á, nígbà 50. Iná kékeré náà kò ṣẹ́jú mọ́ àfi ìgbà tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ. Bí ṣájà bá rẹ̀ ẹ́ gan-an tó bẹ́ẹ̀ tí fóòtì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí pọ́ǹpù ń yí, kọńdáńsatọ̀ kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ wá ṣájà mìíràn fún pọ́ǹpù, kí ẹ so okùn − méjèèjì pọ̀.