Ohun tí mo sọ níbi ọgọ́ta ọdún Bàámi

Àná ni Bàámi pé 60, nílé wa ní Ìlódè. Àwọn àbúrò mi rò pé màá ṣàwàdà. Ìtàn aṣọ ni mo sọ.

Télọ̀ ni Bàámi. Ní 1997, bàbá kan láti Modákẹ́kẹ́ kó aṣọ òkè wá fún wọn, ó san ààbọ̀ owó. Kò tíì padà wá tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ fi bẹ́ sílẹ̀, lórí ibi tí wọ́n máa gbé olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ sí.

Nígbà tó gbóná, orí máṣíìnì àti báàgì aṣọ yẹn ni Bàámi gbé sá. Màámi ní, "Ẹ sọ ọ́ nù jàre!" Bàámi ní, "Ṣé ìjà ló máa sọ mí di olè?"

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ lẹ́yìn 2000, Bàámi wá oníaṣọ náà kàn. Ó ti rù. Wọ́n bá a dín aṣọ náà kù, wọn ò béèrè owó tó kù.

Lánàá, mo ní kí bàbá yẹn dìde. Aṣọ yẹn ló wọ̀! Gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbáà.

Ẹ̀yin àbúrò mi, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kórìíra ẹnìkan torí ìlú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹrù ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Bàámi ò tiẹ̀ sunkún. Wọ́n kàn ní, "Ọrùn aṣọ yẹn ti ń tú. Gbé e wá lọ́jọ́ Ajé."